Wáàtì dúró sójú kan, ọkàn ń sáré: èwo ni kí a tẹ̀ lé?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 41 ni mí, mo wọn kìlógíráàmù 70. Mo ń múra sílẹ̀ fún eré Màrátọ́ọ̀nù Èkó. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ń so mọ́ okùn bàtà, tó ń sọ iye wáàtì tí mo fi ń sáré. Ní Sátidé tó kọjá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo gbéra, mo sá kìlómítà 16, mo sì di 200 W mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkàn mi tó ń lù ní 144 nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti di 168 nígbà tí mo parí. Ẹ̀rọ ní n kò fi kún agbára tí mò ń lò, ọkàn ní irọ́ ni. Èwo ni kí n máa tẹ̀ lé? Àbí kí n padà sórí ìyára tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀?*

Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń wò ni kò jọra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí 200 yẹn ti wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje ló kọ́kọ́ ní irú ẹ̀rọ yìí. Ní 1986, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Ulrich Schoberer ṣe ọ̀kan tó wà nídìí irin pẹ́dà. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, irin á tẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì mọ bó ṣe tẹ̀ tó. Ẹ̀rọ á wá fi bí pẹ́dà ṣe ń yí tó ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, wáàtì jáde. Ohun tí ẹsẹ̀ tì gan-an ló wọ̀n. Ti àwa tó ń fi ẹsẹ̀ sáré kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí irin kankan láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ yín àti títì ọlọ́dà tó lè sọ bí ẹ ṣe ti ilẹ̀ tó. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ orí bàtà yín ni èyí tó ń mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń gbéra nílẹ̀, àti èyí tó ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹni kó lè mọ̀ bóyá ẹ ń gòkè tàbí ẹ ń sọ̀kalẹ̀. Ó tún ní ìwúwo yín, tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn yẹn ló kó jọ tó fi ṣe ìṣirò. Ìṣirò náà dára, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n ìṣirò ni.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yẹn ti sọ mí di aláìmọ̀kan rí. Mo yí ìwúwo inú ẹ̀rọ mi láti 74 sí 78 lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì kan, mo gbàgbé pé mo ṣe é, ni mo bá rí i pé wáàtì mi ti lọ sókè bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yangàn pé ara mi ti le sí i. Iyán àti ìrẹsì ọdún ló le.

Tí a bá wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ẹ lè ṣe ìṣirò yẹn fúnra yín láìní ẹ̀rọ. Ẹ fi ìwúwo yín ṣe ìsọdipúpọ̀ iye mítà tí ẹ ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ń sá kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 6 ń sá mítà 2.78 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 70 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bí 195 W. 200 W yín náà, lórí títì tó tẹ́jú, ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 50 sí kìlómítà kan ni. Ẹ ò rí i pé ìyára yín náà ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni? Ẹni tó bá ń gbé ní Lẹ́kí, tí kò rí òkè kankan àfi orí afárá, mo máa ń sọ fún un pé kó tọ́jú owó rẹ̀.

Ìṣirò kékeré yìí máa ń sún mọ́ ohun tí ẹ̀rọ orí bàtà bíi Stryd ń kọ. Aago Garmin tàbí Polar lè kọ iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa fún ẹni kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín. Iṣan ńlá tó wà níbẹ̀ máa ń nà bíi rọ́bà nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, ó sì máa ń dá agbára padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń gbéra. Ṣé kí a ka èyí tí rọ́bà dá padà mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò? Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dá ìdáhùn tirẹ̀, kò sì sí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wọn jọ gbà. Nítorí náà ẹ má fi wáàtì yín wé ti ọ̀rẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ mìíràn, ẹ má sì gbé iye tí ẹ kà láti inú ẹ̀rọ kan lọ sínú òmíràn.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣe ohun tí ìyára àti ọkàn kò lè ṣe ni orí òkè, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ni ó sì wúlò fún jù. Ká mú òkè kan tó gùn ní 400 mítà, tó ń ga ní mítà 5 nínú gbogbo 100 mítà. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ yín, láti Mókọ́lá dé Mápó. Ní 2002, Alberto Minetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n mú àwọn asáré gun ẹ̀rọ ìsáré tí wọ́n gbé sókè sílẹ̀, wọ́n sì wọn èémí wọn láti mọ iye agbára tí ara ń ná. Tí a bá fi ìṣirò wọn wo òkè wa yìí, sísá mítà kan lórí rẹ̀ ń ná ara ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju orí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ.

Ká ní ẹ gùn ún pẹ̀lú ìyára ìṣẹ́jú 6 tí ẹ bá dé ìdí rẹ̀. 195 W yóò di nǹkan bí 253 W. Ẹ máa lo ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 24 lórí rẹ̀. Aago ìyára yóò máa sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, torí ìṣẹ́jú 6 náà ni. Ọkàn ńkọ́? Ọkàn kì í tètè gbọ́. Ó lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bá ohun tí ẹsẹ̀ ti ń ṣe mu, nígbà tó bá sì fi máa sọ òótọ́ fún yín, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Wáàtì ń sọ ọ́ láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ di 195 W mú lórí òkè náà, ẹ máa dín ìyára kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 47 sí kìlómítà kan. Àdánù rẹ̀ kò ju àáyá 43 lọ.

Ohun tí àáyá 43 yẹn rà fún yín ni mo fẹ́ fi ìṣirò kan hàn. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ bíi tiyín. Mo ní kó sá fún ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. 290 W ni àárín gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó sinmi fún wákàtí kan ó dín díẹ̀, ó tún sá fún ìṣẹ́jú 12. Ìyẹn jẹ́ 240 W. Ẹ fi wáàtì sọ iye àáyá di púpọ̀ kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tó ṣe. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ júùlù 52,200, ti ìkejì jẹ́ 172,800. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 120,600, ìyàtọ̀ àkókò wọn sì jẹ́ àáyá 540. Ẹ pín ọ̀kan sí ìkejì, ó di 223 W. Èyí ni mo ń pè ní agbára ààlà rẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lè máa bá eré lọ fún ìgbà pípẹ́. Tó bá ti kọjá rẹ̀, ó ti ń yọ owó nínú kóló. Iye tó wà nínú kóló náà ni iṣẹ́ ìṣẹ́jú 3 rẹ̀ tí a bá ti yọ ohun tí 223 W ì bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú 3 kúrò nínú rẹ̀: ó kù nǹkan bí júùlù 12,000.

Ẹ padà sórí òkè. 253 W fi 30 ju ààlà rẹ̀ lọ, fún àáyá 144. Ó ti yọ júùlù 4,320 nínú kóló, ìyẹn ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ, lórí òkè kan ṣoṣo, nígbà tí aago ìyára ń sọ pé kò sí ewu. Kóló máa ń kún padà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ààlà, ṣùgbọ́n tí òkè bá tẹ̀lé òkè bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ yín, kò ní ráyè kún. Ẹni tó fi 195 W gùn ún kò fọwọ́ kan kóló rárá.

Ìdánwò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ọ̀lẹ nínú ti ìṣẹ́jú 3, tó gbé 280 W dípò 290. Ẹ tún ìṣirò ṣe: agbára ààlà rẹ̀ yóò lọ sókè sí nǹkan bí 227 W. Ó ṣe ohun tó kéré, àbájáde ní ó lágbára sí i! Kóló rẹ̀ ló fara gbá a, ó dín kù sí 9,600. Nítorí náà tí agbára ààlà bá ga sí i ṣùgbọ́n tí kóló dín kù lójijì, ẹ má jó. Ẹ tún ìṣẹ́jú 3 náà sá lọ́jọ́ mìíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé yín. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn Ìbàdàn ti jí, ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ ṣe ń sáré, ara ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí abẹ́ awọ kó lè tutù, òógùn sì ń fa omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sínú ọkàn dín kù, ìwọ̀n tí ọkàn ń tú jáde ní lílù kan náà dín kù, ó wá ní láti lù lọ́pọ̀ ìgbà kó lè gbé iye kan náà dé ẹsẹ̀. Kò sí ohun kankan nínú ẹ̀rọ orí bàtà tó mọ èyí. Ẹsẹ̀ ló ń wò. Ẹsẹ̀ yín kò sì yí padà, torí ẹ ń fipá dì í mú sórí 200. Bí ooru bá pa yín dé bèbè ìdákú, 200 W náà ni yóò máa kọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé wáàtì dúró tí ọkàn ń gòkè, àlàfo tó wà láàárín wọn gan-an ni ìròyìn. Ẹ pín eré náà sí méjì. Ká ní àárín ìlù ọkàn jẹ́ 150 nínú kìlómítà 8 àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ 163 nínú 8 ìkẹyìn. Ẹ fi 150 pín 200, ó jẹ́ 1.33, ẹ fi 163 pín 200, ó jẹ́ 1.23. Ó ti fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Èmi àti ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 5 nínú eré gígùn tó yẹ kó rọrùn.

Ṣùgbọ́n ooru nìkan kọ́ ni mo fura sí. Tí agbára ààlà tiyín bá sún mọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn, 200 W jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Eré tó rọrùn kọ́ nìyẹn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ní ìdá 90 máa mú ọkàn ẹnikẹ́ni gòkè, kódà nínú òtútù. Ọ̀nà tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ sá ọ̀nà kan náà, 200 W náà, ṣùgbọ́n kí ẹ gbéra ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí. Tí ìdá 8 bá di 3 tàbí 4, ooru ló jẹ̀bi. Tó bá dúró sí 7 tàbí 8, 200 ló pọ̀ jù fún yín, kí ẹ sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 175.

Iyanrìn náà ń tan ẹ̀rọ yìí jẹ bí ooru ṣe ń tàn án jẹ. Mo sáré létí òkun kan ní Èkó rí, lórí iyanrìn gbígbẹ, mo rí 165 W, inú mi dùn pé mo ń sinmi. Ọkàn mi ń lù ní 172. Ní 1998, àwọn olùwádìí kan ní Bẹ́ljíọ̀mù rí i pé sísáré lórí iyanrìn ń ná ara ní ìlọ́po 1.6 ti orí ilẹ̀ líle. Ohun tí ara mi ń ná lọ́jọ́ náà lè tó ti 264 W lórí títì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń jẹ agbára mi. Ó kàn rí ẹsẹ̀ tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ inú òjò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ní tirẹ̀ lè ṣe yín léṣe. Níbi tó dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ ní mítà 5 nínú 100, agbára tí ara ń ná máa ń dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Ẹni tó bá takú pé òun máa di 200 W mú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sá kìlómítà kan ní bí ìṣẹ́jú 4 àti àáyá 26. Èémí rẹ̀ lè gbà á, iṣan iwájú itan rẹ̀ tó ń ṣe bíréèkì ní gbogbo ìṣísẹ̀ kò ní gbà á. Ó máa mọ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí wáàtì já sí 160 tàbí 150 tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kò sí gbèsè kankan láti san.

Ní ti Èkó fúnra rẹ̀, láti Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Súrúlérè, gba orí Afárá Kẹta, dé Eko Atlantic, ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá. Wáàtì kò ní sọ ohun tó pọ̀ fún yín níbẹ̀ tí ìyára kò ní sọ, àfi níbi tí ẹ ti ń gun afárá. Ooru ni ọ̀tá ibẹ̀, ọkàn ló sì ń rí ooru. Ohun tí mo máa ṣe tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin ni pé màá fi ìdá 80 agbára ààlà bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 223, nǹkan bí 178 W nìyẹn, ìṣẹ́jú 6 àti bí ààbọ̀ sí kìlómítà kan. N kò ní jẹ́ kí wáàtì kọjá 185 nínú wákàtí àkọ́kọ́, bó ti wù kí ara yá mi tó láàárín èrò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọkàn ni màá máa wò: tó bá ti kọjá iye tí mo máa ń rí ní ìparí eré gígùn ìdájí, màá yọ 5 tàbí 10 W, bí 178 tilẹ̀ ṣì rọ̀ mí lọ́rùn.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà lórí Afárá Kẹta náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ orí bàtà kan lè mọ afẹ́fẹ́. Stryd ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2019. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa sọ pé wáàtì yín ti wálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń tì yín sẹ́yìn, torí ìyára yín ti dín kù. Ẹ má lé e. Ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkan tó ga jù yín lọ.

Kí gbogbo èyí tó lè ṣiṣẹ́, ẹ ṣe ìdánwò méjèèjì, ti ìṣẹ́jú 3 àti ti ìṣẹ́jú 12, ní ìdájí, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì kọ ìwúwo tó wà nínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ èsì rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìwúwo yẹn mọ́ títí ẹ fi máa parí eré Èkó, kódà bí ẹ bá fi kìlógíráàmù méjì rù.